Bàtà òjò àbí sáńdáàlì: èwo ló yẹ fún ọ̀nà tí omi bò ní Lugbe?

Ọmọ Ọ̀ffà
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ọ̀nà tó jáde láti àdúgbò wa ní Lugbe, ní Àbújá, sí títì ńlá máa ń kún fómi nígbàkúgbà tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ó lè mọ ní kókósẹ̀, ó sì lè sún mọ́ orúnkún. Ọ́fíìsì ni mò ń lọ o, ọ̀nà náà ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ṣé kí n ra bàtà òjò ni, àbí kí n máa wọ sáńdáàlì? Ohun mẹ́ta ló jẹ mí lógún: èwo ni kì í yọ̀, èwo ló ń tètè gbẹ, èwo ni kò ní kó àrùn bá awọ ẹsẹ̀?

Alàgbà Kúbwà
Bàtà òjò ni, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Omi ojú títì kì í ṣe omi òjò lásán. Ṣáláńgá tó kún, omi gọ́tà, epo mọ́tò, ìtọ̀ eku, gbogbo rẹ̀ ló ti dà pọ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò bá kan omi kò lè kó ohun tó wà nínú omi. Rọ́bà sì ni, bí wáyà iná bá já sínú omi, iná ò lè gba inú rọ́bà kọjá. Ẹ ra èyí tó ga dé abẹ́ orúnkún, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Oníbàtà Wúsè
Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo fara mọ́. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ tó gbẹ kò lè kó nǹkan kan nínú omi. Ṣùgbọ́n ṣé bàtà náà máa lè dá omi náà dúró síta? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bàtà òjò gígùn tí wọ́n ń tà lọ́jà, bíi sẹ̀ǹtímítà 35 ni láti ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ dé ẹnu rẹ̀. Ẹ má fi gbogbo 35 yẹn ṣe ìṣirò. Bí kẹ̀kẹ́ nápẹ́ẹ̀pù tàbí ọkọ̀ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìgbì tó ń tì bọ̀ lè gbé omi sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ẹ bá tún gbé ẹsẹ̀ síwájú, omi á máa gun iwájú ojúgun yín. Nítorí náà, bàtà tó ga ní 35, omi tó wà ní nǹkan bí 20 ni mo lè fọkàn tán an sí. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn ń retí ìgbà tí omi máa wọlé ni.

Bó bá sì wọlé tán, kò sí ibi tó máa gbà jáde. Ohun tó dára nípa bàtà òjò ló di ìṣòro rẹ̀ yẹn. Bíi lítà méjì omi lè dúró sínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nínú omi, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára pé ó wúwo, torí omi inú àti ti ìta jọ gbé ara wọn ni. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ títì lẹ máa mọ̀. Ẹrù kílò méjì á so rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí ẹ gbé sókè, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù sì wà nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, kì í ṣe àárín omi.

Nípa yíyọ̀, ilẹ̀ méjì ló wà ní ọ̀nà yín, ohun tí ọ̀kan fẹ́ kọ́ ni èkejì fẹ́. Àkọ́kọ́ ni amọ̀ pupa. Bàtà tó bá máa mú amọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlà jíjìn lábẹ́, tó tó sẹ̀ǹtímítà ìdajì, tí àwọn ìlà náà sì jìnnà síra kí amọ̀ lè máa já bọ́ bí ẹ ṣe ń rìn. Bí ìlà bá fún mọ́ra, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni amọ̀ ti kún inú rẹ̀, abẹ́ bàtà á wá dán bí àwo. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wò ó: tí ẹ ò bá rí ìlà kankan mọ́, amọ̀ lórí amọ̀ lẹ ń rìn.

Ìkejì ni sìmẹ́ńtì, táìlì àti òkúta ìńtálọ́kì tó ti tutù, tí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ti hù sí lára. Níbẹ̀, ìlà jíjìn ò ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Bí rọ́bà náà ṣe rọ̀ tó ló ṣe kókó. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ abẹ́ bàtà náà ní ìsọ̀. Rọ́bà tó dáa á tẹ̀ wọlé díẹ̀, á sì padà sí ipò rẹ̀. Èyí tó le gbagidi tó ń dán, ọ̀rá lásán ni, táìlì tútù ò ní gbà á mú. Púpọ̀ nínú bàtà òjò olówó pọ́ọ́kú ló rí báyẹn. Àwọn sálúbàtà onífóòmù fúyẹ́fúyẹ́ sì burú jù wọ́n lọ lórí táìlì.

Àgbẹ̀ Fàdámà
Ẹ̀yin tí ẹ ń bu ẹnu àtẹ́ lu bàtà òjò, ṣé ẹ ti gbàgbé paramọ́lẹ̀? Nínú fàdámà tí mo ti ń gbin ìrẹsì, ta ló máa wọ sáńdáàlì wọ ibẹ̀? Láàárọ̀ dalẹ́, bàtà òjò ló wà lẹ́sẹ̀ wa. Ejò tó bá ta lu rọ́bà tó nípọn, ó ṣeé ṣe kí eyín rẹ̀ má dé ara rárá. Omi fàdámà kì í sì kọjá kókósẹ̀.

Oníbàtà Wúsè
Bọ̀dá Àgbẹ̀, fún fàdámà, bàtà òjò náà ni èmi náà máa tà fún yín, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ìdáhùn yín: omi yín kì í kọjá kókósẹ̀. Omi Lugbe tí arákùnrin yìí ń sọ lè sún mọ́ orúnkún, ọ̀nà rẹ̀ ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, lẹ́yìn èyí tó máa jókòó sí ọ́fíìsì títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti awọ ara.

Ọ̀nà méjì ni àrùn inú omi ìdọ̀tí fi ń wọ ẹsẹ̀. Ọ̀kan ni ojú ọgbẹ́: ìgò tó fọ́, ìṣó, páànù, etí gọ́tà. Èkejì ni awọ tí omi ti jẹ, èyí tó di funfun, tó rọ̀, tó ń bó láàárín ọmọ ìka. Bàtà òjò ń dí ọ̀nà àkọ́kọ́ dáadáa ju sáńdáàlì lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, tàbí tí òógùn bá pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà kejì ló ń ṣí sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ á wà nínú ọ̀rinrin tó gbóná fún wákàtí mélòó kan. Ohun tí làpálàpá àárín ọmọ ìka ń wá gan-an nìyẹn. Sáńdáàlì, òdìkejì rẹ̀ ni: omi ìdọ̀tí á kan ẹsẹ̀, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti jáde, omi á ṣàn dànù, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i.

Nítorí náà ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye àkókò tí ẹsẹ̀ máa fi tutù. Ẹsẹ̀ tí kò ní egbò, tó wà nínú omi ìdọ̀tí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ewu tó wu ú kéré sí ti ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà òjò tó ti mumi láti aago méje àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Fún ẹni tó ń lọ ọ́fíìsì, ohun tó máa wà nínú báàgì ni píọ̀wọ́tà méjì, ọṣẹ kékeré kan, tówẹ́ẹ̀lì kékeré tó gbẹ, àti bàtà ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n so ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá dé ibi tó gbẹ, ẹ wá ibi jókòó. Ẹ bọ́ sáńdáàlì, ẹ já etí píọ̀wọ́tà àkọ́kọ́ níwọ̀nba kí omi máa jáde tín-ín-rín, kí ẹ fi tú ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ẹ wá fi ọṣẹ pa ẹsẹ̀, kí ẹ ki ìka ọwọ́ bọ àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Píọ̀wọ́tà kejì lẹ máa fi ṣan án. Lítà kan péré ni gbogbo rẹ̀, ó sì máa tó bí ẹ ò bá tú u dànù nídìí ẹrẹ̀.

Nínù ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ń nù, wọ́n á wá ti ẹsẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ya ọmọ ìka tó kéré jù kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fa etí tówẹ́ẹ̀lì gba àárín wọn lọ bọ̀. Ibẹ̀ ló fún jù, ibẹ̀ náà sì ni làpálàpá ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa wọ ọ̀rá sẹ́sẹ̀ kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, pé tómi bá wọlé, kò ní kan ara. Ṣé ó bójú mu?

Alàgbà Kúbwà
Ó bójú mu dáadáa! Ọ̀rá méjì tó nípọn, kí o fi rọ́bà so ó lábẹ́ orúnkún. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ orúnkún yẹn bà mí lẹ́rù. Bó bá fún débi tí omi ò fi lè wọlé, ó lè fún ẹ̀jẹ̀ náà pa. Bí kò bá sì fún tó bẹ́ẹ̀, omi á wọlé. Òógùn ò sì ní rí ibi gbà jáde. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kò burú láìsí rọ́bà náà. Kí ẹ má wọ̀ ọ́ wọ ọ́fíìsì ṣá.

Oníbàtà Wúsè
Kí n fi ti yíyọ̀ kún un: ọ̀rá inú bàtà ń mú kí ẹsẹ̀ máa yọ̀ nínú bàtà fúnra rẹ̀. Bàtà á mú ilẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí kan náà nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra bàtà òjò tó tóbi jù pẹ̀lú èrò pé ó máa rọrùn láti bọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ní ìsọ̀, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè. Bí gìgísẹ̀ bá gbéra kúrò nílẹ̀ inú bàtà ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹrẹ̀ Lugbe máa gba bàtà yẹn lọ́wọ́ yín.

Sáńdáàlì náà ní tiẹ̀. Sálúbàtà tí okùn rẹ̀ gba àárín ọmọ ìka méjì, ẹ má wọ̀ ọ́ wọnú omi. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, omi á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, á fà á bọ́, ẹ ó sì máa fi ọmọ ìka há a mọ́ra dípò kí ẹ fi tẹ ilẹ̀. Èyí tí mò ń sọ ni sáńdáàlì rọ́bà tó bo orí ọmọ ìka, tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tó sì ní ìdè onírin tàbí ti ọ̀rá líle. Alẹ̀mọ́ra tó ń dún ṣàrà bí wọ́n bá ń ṣí i kì í pẹ́: iyanrìn á kún inú ìwọ̀ kéékèèké rẹ̀, kò sì ní mú mọ́. Bí ẹ bá ti ní irú rẹ̀, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìlò. Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀ inú sáńdáàlì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bó bá dán, ẹsẹ̀ tútù á yọ̀ síwájú.

Ìyá Ìbejì Karu
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ̀ bóyá ibí ni mo ti lè béèrè. Màmá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fẹ́ràn sáńdáàlì torí ẹsẹ̀ wọn tó máa ń gbóná. Omi máa ń wọ àgbàlá wa. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa wọ sáńdáàlì yẹn náà, tó bá jẹ́ pé òun ló dára jù?

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Rárá o, Ìyá Ìbejì. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè, ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ni mo fi sọ́kàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè gé ara lórí àfọ́kù ìgò kó má mọ̀, torí ẹsẹ̀ lè ti kú tipiri. Ohun tó dára jù ni kí màmá má wọ omi náà rárá. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, bàtà òjò ni, nínú omi tí kò lè wọ ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ibi ọmọ ìka, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òkúta tàbí ìṣó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá bọ́ ọ, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo gbogbo ẹ̀ títí kan àárín ọmọ ìka. Egbò tó wù kó kéré, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró kó kọ́kọ́ wú.

Ẹnjiníà Ojú Àgbàrá
Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi díẹ̀, torí ohun tí Alàgbà sọ nípa iná yẹn léwu. Bàtà òjò ọjà kì í ṣe bàtà àwọn oníṣẹ́ iná. Wọn ò dán an wò fún iná, ihò bí orí abẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sì ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí omi bá tún ga ju ẹnu rẹ̀ lọ, tàbí tí ọwọ́ yín bá kan òpó, rọ́bà ẹsẹ̀ ò ní í gbà yín sílẹ̀. Níbi tí wáyà bá já sínú omi, ẹ padà sẹ́yìn ni, kí ẹ pe iléeṣẹ́ iná.

Èkejì: ẹ ò lè mọ bàtà tó yẹ bí ẹ ò bá mọ bí omi ṣe ga tó, ojú sì máa ń tan ni jẹ nínú omi pupa. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sára ògiri tàbí òpó kan tí ẹ ń rí láti ẹnu géètì, ìlà kan fún sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan láti ojú títì dé 50. Ibi tí ọ̀nà náà ti rẹlẹ̀ jù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹnu géètì tó ga. Ìlà kejì tí Oníbàtà fi pààlà, 20, èmi náà gbà á fún omi tó dúró.

Omi tó ń ṣàn ní òfin tirẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 15 omi tó ń sáré lè gbá àgbàlagbà ṣubú, bàtà yòówù kó wọ̀. Ẹ ju ewé kan sínú rẹ̀. Bí ewé náà bá yára ju ìrìn yín lọ, ẹ dúró dè é. Òjò àárọ̀ Àbújá sábà máa ń jẹ́ kí omi fà láàárín wákàtí kan tàbí méjì tí gọ́tà kò bá dí. Omi tó ya wọ Màídúgùrí ní oṣù kẹsàn-án 2024 nígbà tí dáàmù Àlàú ya, tàbí èyí tó bo Mokwa ní oṣù karùn-ún 2025, ìyẹn kì í ṣe omi tí èèyàn ń ronú bàtà sí.

Ẹ mú ọ̀pá tó ga dé àyà dání, kí ẹ máa gún iwájú kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Gọ́tà tí wọn ò bò lè pa èèyàn lójú ọ̀nà yín yẹn. Àárín títì ni kí ẹ máa rìn bí ọkọ̀ ò bá sí, torí ẹ̀gbẹ́ ni gọ́tà wà.

Ọmọ Ọ̀ffà
Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Ọ̀dà náà máa wà lára ògiri kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Oníbàtà, ẹ ò tíì sọ ti gbígbẹ. Bàtà òjò tó bá mumi lálẹ́, ṣé ó lè gbẹ kílẹ̀ tó mọ́?

Oníbàtà Wúsè
Bó bá ní aṣọ nínú, kò lè gbẹ. Lásìkò òjò tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, ọjọ́ kan sí méjì ló ń gbà. Èyí tí kò ní aṣọ nínú yá jù ú lọ, ẹ lè fi àkísà nù ún kó gbẹ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Tí ẹ bá máa rà á rárá, aláìláṣọ ni kí ẹ rà, kí ẹ máa fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa gbẹ aláṣọ nìyí. Ẹ yọ ìtẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ jáde, torí abẹ́ ẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ ẹ́, torí ìdọ̀tí tó bá gbẹ síbẹ̀ ló ń rùn. Ẹ fún ìwé ìròyìn mọ́ra, kí ẹ kì í dé orí ọmọ ìka. Láàárín wákàtí kan, ẹ fà á jáde, ó máa ti rin gbindin, kí ẹ ki òmíràn. Ẹ tún un pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó sùn. Lẹ́yìn náà ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀, kí ẹ dojú bàtà dé e lórí, kí ẹnu rẹ̀ má kan ilẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ kọ fáànù sí i. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná àdògán o, ẹ má sì sá a sínú oòrùn gangan lójoojúmọ́. Yóò le, á sì sán níbi tó ń ká lórí ọmọ ìka. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sán, ẹ bu omi sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gbígbẹ, kí ẹ gbé e lé páálí. Páálí á sọ fún yín.

Sáńdáàlì rọ́bà tí okùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, wákàtí kan sí méjì ló ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́. Sáńdáàlì aláwọ, bí èyí tí wọ́n ń rán ní Kánò tó lẹ́wà gan-an, ẹ má mú un dé ibi omi. Awọ á mumi, á wú, okùn á sì já kúrò nínú ìránṣọ. Ó sì dùn mí láti máa rí irú bàtà bẹ́ẹ̀ tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Fàdámà
Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti ń yún, ó sì ń bó láti bí oṣù kan. Wọ́n ta ìpara kan fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ní oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá, ó sì ti gùn dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Ẹ dá ìpara yẹn dúró, Bọ̀dá. Nínú oògùn mẹ́ta yẹn, ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù. Òun ló pa yíyún náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ́ kí ara má lè bá làpálàpá jà, ló fi rí àyè tàn. Ẹ béèrè fún kulotirimasóòlù lásán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò ní nǹkan mìíràn nínú. Ẹ fi pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ, kó kọjá etí ibi tó ń bó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni. Ẹ má dá a dúró nígbà tí yíyún bá lọ, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀ kí ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì bọ́ bàtà òjò náà nígbà tí ẹ bá jókòó jẹun. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Fún gbogbo yín: bí ẹsẹ̀ bá wú, tó pupa tàbí dúdú kọjá bó ṣe yẹ, tó gbóná, tí ó sì ń gòkè lójoojúmọ́, ìyẹn kì í ṣe làpálàpá mọ́. Bí ibà gbígbóná bá mú yín láàárín ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ wọ omi, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ń dùn yín gan-an, tí ojú pọ́n, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ omi ìdọ̀tí. Àìsàn tí ìtọ̀ eku ń fà máa ń jọ ibà ẹ̀fọn, bí ẹ ò bá sọ ọ́, oògùn ibà lásán ni wọ́n lè fún yín. Bí nǹkan bá gún yín nínú omi náà, ẹ fọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó mọ́ tó ń ṣàn, kí ẹ sì béèrè bóyá abẹ́rẹ́ títánọ́ọ̀sì yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Karu
Ẹ ṣeun nípa ti màmá. Ṣé a lè fi fasilíìnì pa ẹsẹ̀ kí omi má baà jẹ ẹ́?

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Lórí awọ tí kò ní egbò, ó ń dín jíjẹ omi kù. Kó wà lórí gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Kò ní dá kòkòrò dúró níbi tí awọ bá ti bẹ́.

Oníbàtà Wúsè
Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín ò tó fún mi níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi fasilíìnì pa máa ń yọ̀ nínú sáńdáàlì. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó kàn rárá.

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Mo gba ti àtẹ́lẹsẹ̀. Fún àárín ọmọ ìka, ọ̀rọ̀ ò dọ́gba láàárín àwa náà. Àwọn kan ní kó wà níbẹ̀, àwọn kan ní ó ń há ọ̀rinrin mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá lò ó níbẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá lẹ́yìn náà.

Ọmọ Ọ̀ffà
Ibi tí mo dé nìyí o: sáńdáàlì rọ́bà tó bo ọmọ ìka fún ọ́fíìsì, báàgì píọ̀wọ́tà, ọ̀pá, ìlà lára ògiri. Bí omi bá kọjá ìlà kẹrin, mi ò ní jáde. Bí mo bá ní egbò, sáńdáàlì ò sí nínú ọ̀rọ̀.

Alàgbà Kúbwà
Ti iná yẹn, mo ti gbọ́, Ẹnjiníà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi ṣáláńgá nítorí pé bàtà ń tètè gbẹ. Nígbà tí omi bá fà, tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ kúrò ní àgbàlá ńkọ́? Ṣé sáńdáàlì náà ni?

Nọ́ọ̀sì Gwagwaláda
Níbẹ̀ yẹn, Alàgbà, ẹ jàre gbogbo wa. Omi ti lọ sílẹ̀, ẹ ó wà lórí ìdúró fún wákàtí mélòó kan, àfọ́kù ìgò sì wà nínú ẹrẹ̀ tí ẹ ò rí. Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni. Tí ẹ bá parí, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà, torí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Bílíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ẹ wọn mìlílítà 30 sínú omi lítà kan, kí ẹ fi nu ìta àti inú bàtà. Ẹ jẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi omi ṣan án dáadáa. Ìta ilé ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má sì da oògùn ìfọlé mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, torí èéfín tó máa yọ lè pa ni.